Èlé 3% ti Sápọ́n àti 4% ti Pánṣẹ́kẹ́: bí a ṣe ń mọ ẹ̀yáwó tó wọ́n jù

Ẹ jẹ́ ká sọ pé Ìyá Bíọ́lá ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ó fẹ́ yá ₦600,000 fún oṣù 6, kó fi kó aṣọ funfun àti aró sílẹ̀ kí ọjà ọdún tó dé. Ilé ayánilówó kan ní Sápọ́n ní èlé tòun jẹ́ 3% lóṣù. Òmíràn ní Pánṣẹ́kẹ́ ní tòun jẹ́ 4% lóṣù. Bí ẹ bá gbé méjèèjì síwájú àwọn ọlọ́jà, Sápọ́n ni ọ̀pọ̀ wọn yóò mú. Bẹ́ẹ̀, ti Sápọ́n ló wọ́n jù, kò sì fi díẹ̀ wọ́n jù ú lọ.

Iye tí òṣìṣẹ́ ayánilówó fi ẹnu sọ ni èlé tí wọ́n pè. Ó lè jẹ́ òótọ́ pọ́nńbélé, kó má sì sọ iye tí ẹ̀yáwó náà yóò náni. Èyí tó ń sọ ọ́ ni èlé àpapọ̀ ọdún, èyí tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ní APR. Òun ló ń ka gbogbo owó tí ayánilówó gbà lọ́wọ́ yín, ìbáà jẹ́ èlé, owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìṣàkóso. Ó tún ń wo ọjọ́ tí náírà kọ̀ọ̀kan wọlé àti ọjọ́ tó jáde. Ọdún 1968 ni wọ́n ṣe òfin Amẹ́ríkà tó fi dandan mú àwọn ayánilówó pé kí wọ́n kọ ọ́ síwájú oníbàárà. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ lè rí i nínú ìwé àdéhùn báńkì ńlá, ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rìn kiri ọjà, èlé oṣooṣù nìkan lẹ óò gbọ́. Ẹ lè ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ béèrè pé orí owó wo ni wọ́n gbé èlé lé

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù, torí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ tó tóbi jù ti ń wá.

Sápọ́n ń gba èlé lórí gbogbo owó tí wọ́n kọ́kọ́ yáni, láti oṣù àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn. Fúláàtì ni àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń pè é. 3% lórí ₦600,000 jẹ́ ₦18,000. Ìyá Bíọ́lá yóò máa dá ₦100,000 padà nínú owó gan-an lóṣooṣù, yóò sì fi ₦18,000 lé e, ó di ₦118,000. Ìṣirò náà rọrùn, ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́jà fi fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ wá wo oṣù kẹfà. Nígbà tí oṣù yẹn bẹ̀rẹ̀, ó ti dá ₦500,000 padà. ₦100,000 péré ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ nínú owó tó yá. Síbẹ̀, ₦18,000 náà kò yẹ̀. Èlé ₦18,000 lórí ₦100,000 fún oṣù kan ṣoṣo jẹ́ 18%. Owó tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ló ń san èlé lé lórí.

Ti Pánṣẹ́kẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orí gbèsè tó kù nìkan ni wọ́n ń gbé 4% lé. Iye tí yóò máa san kò yí padà, ₦114,457 ni lóṣooṣù fún oṣù 6, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń yí. Lóṣù kìíní, ₦24,000 nínú rẹ̀ ni èlé. Lóṣù kẹta, èlé ti bọ́ sí ₦16,619. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹfà, ₦4,402 péré ló kù tó ń jẹ́ èlé. Ẹ fi èyí wé ₦18,000 ti Sápọ́n lóṣù kan náà.

Bí ẹ bá kó gbogbo èlé pọ̀, Sápọ́n yóò gba ₦108,000, Pánṣẹ́kẹ́ yóò gba ₦86,742. Ẹni tó pe 3% gba owó ju ẹni tó pe 4% lọ, a kò sì tíì dé orí owó fọ́ọ̀mù.

Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi òṣìṣẹ́ wọn kò le: "Tó bá ku oṣù kan kí n san tán, èló ni èlé oṣù yẹn?" Bí iye tó dá yín lóhùn bá jẹ́ bákan náà pẹ̀lú ti oṣù kìíní, fúláàtì ni. Ẹ má bi í bóyá èlé wọn ń lọ sílẹ̀, torí ẹlòmíràn yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kó sì máa ronú pé gbèsè lẹ ń sọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ka iye tí yóò wọ ọwọ́ yín

Sápọ́n kọ ₦600,000 sínú ìwé, ṣùgbọ́n kí owó tó wọ àkáǹtì, wọ́n yọ 2% fún owó ìṣàkóso, ìyẹn ₦12,000, wọ́n sì tún yọ 1% fún ìnṣọ́ránsì, ìyẹn ₦6,000. Ohun tí Ìyá Bíọ́lá rí gbà jẹ́ ₦582,000. Pánṣẹ́kẹ́ yọ 1% nìkan, ó gba ₦594,000.

Bí àwọn ọlọ́jà ṣe máa ń bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ nìyí:

"Màmá, 3% péré ni o. Kò sí ẹni tó máa ṣe é fún yín tó báyìí."

"Ó dáa, ọmọ mi. Èló lẹ máa fi sínú àkáǹtì mi?"

"₦600,000 ni lóònù yín, Màmá."

"Mo gbọ́ ìyẹn. Èló ló máa wọlé?"

Ẹ má jẹ́ kó fi ìdáhùn ìbéèrè kìíní dá ti èkejì lóhùn. Ẹ ní kó kọ iye tó máa wọlé sórí ìwé, pẹ̀lú iye tẹ́ ẹ máa san àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa san án. Ìlànà ìdáàbòbò oníbàárà tí CBN gbé jáde ní 2019 ní kí ilé ìfowópamọ́ sọ gbogbo owó tí yóò gbà fún oníbàárà, nítorí náà ojú kò gbọdọ̀ tì yín láti béèrè.

Ohun kan tún wà tí ó máa ń fara pa mọ́: owó ìfipamọ́ ọ̀ranyàn. Ọ̀pọ̀ ilé ayánilówó kéékèèké ló ń di 10% owó náà mú, wọ́n á ní tiyín náà ni, ẹ óò gbà á tẹ́ ẹ bá san gbèsè tán. Òótọ́ ni pé tiyín ni. Ṣùgbọ́n ₦60,000 tí Sápọ́n bá dì mú nínú ₦600,000 kò dé Ìtòkú, kò ra ọ̀pá aṣọ kan, síbẹ̀ 3% ń hù lórí rẹ̀ lóṣooṣù. ₦1,800 ni lóṣù, ₦10,800 ní oṣù 6, lórí owó tí ayánilówó kò fà sílẹ̀ rárá. Ẹ fi í sí apá kan ná, a máa tó padà sí i.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá èlé tó ń pa gbèsè rẹ́ gẹ́lẹ́

Ohun tí èlé àpapọ̀ jẹ́ gan-an nìyí. Ẹ gbà pé owó tó wọ ọwọ́ yín ni gbèsè yín, ìyẹn ₦582,000, kì í ṣe ₦600,000. Lóṣooṣù, ẹ gbé èlé kan lé gbèsè tó kù, kẹ́ ẹ wá yọ ₦118,000 tẹ́ ẹ san. Èlé tó bá mú kí gbèsè di òdo gẹ́lẹ́ nígbà tẹ́ ẹ san ìgbà kẹfà, òun ni èlé gidi ti oṣù kan. Ẹ fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di ti ọdún.

Ẹ lè fi ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù wá a. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìméfò kan. Bí ẹ bá mú 5%, ẹ óò rí i pé tẹ́ ẹ bá san ₦118,000 ìkẹyìn, ẹ ti san ₦22,690 lé. Èyí ń sọ pé èlé tí wọ́n ń gbà ju 5% lọ. Ẹ gbìyànjú 6%: lẹ́yìn owó ìkẹyìn, gbèsè ₦2,490 ṣì kù. Èyí ń sọ pé kò tó 6%. Èlé náà wà láàárín méjèèjì, ó sì sún mọ́ 6% gan-an, torí ₦2,490 kéré sí ₦22,690. Bí a bá ń sún un díẹ̀díẹ̀, 5.904% la ó bá a. Ẹ wò ó bí ó ṣe pa gbèsè rẹ́:

| Oṣù | Gbèsè níbẹ̀rẹ̀ | Èlé 5.904% | Owó tí ó san | Gbèsè tó kù |
|---|---|---|---|---|
| 1 | ₦582,000 | ₦34,361 | ₦118,000 | ₦498,361 |
| 2 | ₦498,361 | ₦29,423 | ₦118,000 | ₦409,784 |
| 3 | ₦409,784 | ₦24,194 | ₦118,000 | ₦315,978 |
| 4 | ₦315,978 | ₦18,655 | ₦118,000 | ₦216,633 |
| 5 | ₦216,633 | ₦12,790 | ₦118,000 | ₦111,423 |
| 6 | ₦111,423 | ₦6,578 | ₦118,000 | ₦1 |

Náírà kan tó kù yẹn jẹ́ ti kọ́bọ̀ tí a gé kúrò nínú ìṣirò.

5.904% lọ́nà 12 jẹ́ 70.8% lọ́dún. Ẹni tó bá fi 3% sọ 12 di púpọ̀ yóò pè é ní 36%. Nínú àlàfo àárín 36 àti 70.8 yìí, ìlànà fúláàtì nìkan ló gbé e dé bíi 59.3%, owó tí wọ́n yọ ṣáájú ló gbé e dé ibi tó kù. Mo fi í yé yín nítorí pé owó fọ́ọ̀mù ni àwọn èèyàn máa ń bínú sí jù, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ka èlé ló ń jẹ owó wọn jù.

Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún Pánṣẹ́kẹ́, tí a fi ₦594,000 ṣe gbèsè tí a sì ń yọ ₦114,457 lóṣooṣù, a ó bá 4.31% lóṣù, ìyẹn 51.7% lọ́dún. Owó náà kò pọ́ọ́kú, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n 51.7 kéré sí 70.8, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èlé tí wọ́n pè ló ga jù.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ jẹ́ kí fóònù ṣe é

Bí ẹ bá ní Google Sheets tàbí Excel lórí fóònù, ìlà kan ṣoṣo ti tó. Ti Sápọ́n nìyí, ti Pánṣẹ́kẹ́ tẹ̀ lé e:

```
=RATE(6,-118000,582000)*12
=RATE(6,-114457,594000)*12
```

Nọ́ńbà kìíní ni iye ìgbà tẹ́ ẹ máa san. Èkejì ni iye tẹ́ ẹ ń san lẹ́ẹ̀kan, àmì ìyọkúrò sì gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀ torí owó tó ń jáde ni. Ẹ̀kẹta ni iye tó wọ ọwọ́ yín. Bí ẹ bá gbàgbé àmì ìyọkúrò, `#NUM!` ni yóò hàn, ẹ kàn padà lọ fi í sí i. Bí ìdáhùn bá yọ bíi 0.708, 70.8% ló ń wí.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ lẹ ń san, bí àwọn ilé ayánilówó kéékèèké ti sábà máa ń fẹ́, ẹ kọ iye ọ̀sẹ̀ sí ipò kìíní, kẹ́ ẹ sì fi 52 rọ́pò 12. Èyí ni mo máa ń rí tí àwọn èèyàn ń ṣì jù: wọ́n á kọ ọ̀sẹ̀ 24, wọ́n á sì fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ̀yáwó tó wọ́n bí ojú á wá dà bí ọ̀fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí owó ìfipamọ́ ọ̀ranyàn tí a fi sí apá kan. Bí Sápọ́n bá di ₦60,000 mú láìfi èlé kankan sí i, ₦522,000 ló wọ ọwọ́ Ìyá Bíọ́lá, yóò sì gba ₦60,000 náà nígbà tó bá san ìgbà kẹfà. Ipò kẹrin wà nínú ìlà náà fún irú owó tó ń padà wá lẹ́yìn:

```
=RATE(6,-118000,522000,60000)*12
```

Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 84.4%. Wọn kò fi kọ́bọ̀ kan kún èlé, wọn kò sì jẹ owó rẹ̀. Wọ́n kàn dì í mú ni, ẹ̀yáwó náà sì fò láti 70.8 dé 84.4. Ẹni tó bá ń ṣe ìṣirò pẹ̀lú iye èlé tó san nìkan kò ní rí èyí láé, torí ₦60,000 ọ̀hún padà wá pé pérépéré.

Ibi tí èlé àpapọ̀ náà kò tó

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé èlé àpapọ̀ ọdún ń sọ bí owó ṣe wọ́n tó, kò sọ iye náírà tí yóò kúrò lápò yín. Bí ọjọ́ ìsanpadà méjèèjì bá dọ́gba, bí ti oṣù 6 tí a ń lò yìí, ẹ lè gbára lé e. Bí wọn kò bá dọ́gba, ó lè ṣì yín lọ́nà.

Ká ní Pánṣẹ́kẹ́ ní kí Ìyá Bíọ́lá mú oṣù 12 dípò 6, pẹ̀lú 4% àti ₦6,000 kan náà. Yóò máa san ₦63,931 lóṣù, ara á tù ú. Bẹ́ẹ̀ ni èlé àpapọ̀ á wá sílẹ̀ láti 51.7% sí bíi 50.1%, torí ₦6,000 náà ti tàn ká oṣù tó pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àpapọ̀ èlé àti owó tí wọ́n yọ yóò gòkè láti ₦92,742 dé nǹkan bíi ₦173,000. Èlé kéré sí i, owó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Aláṣọ tí ọjà rẹ̀ yóò tà tán lóṣù mẹ́rin kò ní ohun tó fẹ́ fi oṣù 12 ṣe. Nítorí náà, ẹ kọ nọ́ńbà méjì sílẹ̀ fún ẹ̀yáwó kọ̀ọ̀kan: èlé àpapọ̀ ọdún, àti iye náírà tó lé lórí ohun tó wọ ọwọ́ yín.

Ìṣirò náà sì gbà pé ẹ óò san gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ. Kò ka owó ìtanràn fún ẹni tó pẹ́ mọ́ ọn, kò sì mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ tètè san. Ọ̀rọ̀ tètè san yìí ṣe pàtàkì fún ọlọ́jà. Bí ọjà bá tà, tí Ìyá Bíọ́lá sì fẹ́ parí gbèsè lẹ́yìn tó san ìgbà kẹta, ₦317,629 ló kù nílẹ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́. Yóò san án, yóò sì bọ́ lọ́wọ́ nǹkan bíi ₦25,700 èlé oṣù mẹ́ta tó kù. Lọ́pọ̀ ibi tó ń ṣe fúláàtì, wọ́n á ní kó san ₦118,000 mẹ́ta tó kù pé, ìyẹn ₦354,000, èlé ọjọ́ tí kò tíì dé náà ń bẹ nínú rẹ̀. Ilé mìíràn máa ń dín in, òmíràn kì í dín kọ́bọ̀. Inú ìwé àdéhùn ni ìdáhùn wà, kí ẹ tó fọwọ́ sí i lẹ ti gbọ́dọ̀ rí i.

Ohun kékeré kan tún kù. Ọ̀nà méjì ni àwọn èèyàn ń gbà sọ èlé oṣù di ti ọdún. Èyí tí a lò ni kí a fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀, bí wọ́n ti ń ṣe l'Amẹ́ríkà. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n ń jẹ́ kí èlé bí èlé láti oṣù dé oṣù, 5.904% ti Sápọ́n yóò sì di nǹkan bíi 99% lọ́dún lọ́nà yẹn. Owó kan náà ni, ẹ̀yáwó kan náà ni. Bí ilé kan bá kọ èlé àpapọ̀ rẹ̀ síwájú yín tí ilé kejì kò sì kọ ọ́, ẹ má fi ti ẹnu wọn wé ti ọwọ́ yín. Ẹ fi ìlà kan náà ṣe ìṣirò méjèèjì láti orí iye tó wọlé àti iye tó ń jáde.

Bí ẹ ṣe lè fi dúnàá dúrà

Ó lè jẹ́ pé Sápọ́n ló wu Ìyá Bíọ́lá síbẹ̀. Bóyá wọn kò béèrè onígbọ̀wọ́ méjì, bóyá wọ́n ń tètè san owó jáde. Ìṣirò yìí yóò jẹ́ kó mọ iye tí yóò ná an fún wọn. Ó lè máa yí iye ìsanpadà inú ìlà náà padà títí èlé Sápọ́n yóò fi bá ti Pánṣẹ́kẹ́ dọ́gba. Bí wọ́n bá fi ₦18,000 tí wọ́n ń yọ ṣáájú sílẹ̀ bó ṣe wà, fúláàtì 2% ni yóò ṣe é: yóò máa san ₦112,000 lóṣù, èlé àpapọ̀ yóò sì jẹ́ nǹkan bíi 51.2%.

Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ Sápọ́n bá ní òun lè bá a dín in sí 2.5%, kó má tíì yára dúpẹ́. 2%, kí wọ́n má sì di ₦60,000 mú: ibẹ̀ ni owó wọn ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ti Pánṣẹ́kẹ́ mu. Bí wọn kò bá lè dín èlé, kó ní kí wọ́n yọ owó ìfipamọ́ ọ̀ranyàn kúrò ná. Èyí lè rọrùn fún wọn láti gbà, torí lójú tiwọn kò dín owó kankan kù nínú ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé èlé ni.